Lẹ́tà ìwáṣẹ́ àkọ́kọ́ fún nọ́ọ̀sì tuntun: kí ni kí n kọ nígbà tí n kò tíì ṣiṣẹ́ rí?

Àṣàkẹ́_Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú ìdánwò àṣekágbá nọ́ọ̀sì ni, mo sì fẹ́ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn kan tó ń wá nọ́ọ̀sì sí wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Ìwé-àṣẹ mi kò tíì jáde. Ìpínrọ̀ tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà náà nìyí:

"Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ dunjú, tó ní ìyọ́nú, tó sì lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, mo ṣiṣẹ́ ní oríṣiríṣi wọ́ọ̀dù, mo sì ní ìmọ̀ kíkún nínú gbogbo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì."

Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì wa ló lè kọ ọ́. Kí ni ẹni tí kò tíì gba owó oṣù nọ́ọ̀sì rí lè kọ tí wọn yóò fi pè é?

Akọ̀wé_Ọ́fíìsì

Ẹ kú oríire àṣeyọrí. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà ìwáṣẹ́ sì ni oúnjẹ òòjọ́ wa. Má ṣe jẹ́ kó kọjá ojú ìwé kan. Kọ orúkọ ipò náà àti nọ́ńbà rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìkéde, nítorí pé ìkéde mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà tí kò sọ èyí tó ń dáhùn sì lè bọ́ sínú fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, to gbogbo wọ́ọ̀dù tí o ti kọ́ṣẹ́ sí ibẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé o ti rìn jìnnà. Ní ti ìwé-àṣẹ tí kò tíì jáde, èmi kò ní mẹ́nu kàn án rárá. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pè ọ́, kí o tó máa ṣàlàyé.

Mátírọ̀nì_Fẹ̀yìntì

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan nọ́ọ̀sì tuntun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo fẹ́ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ta ko ohun kan tí Akọ̀wé sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó sọ nípa orúkọ ipò àti nọ́ńbà rẹ̀ tọ̀nà gan-an.

Ọ̀rọ̀ ìwé-àṣẹ kì í ṣe ohun tí à ń gbé pamọ́. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí ojú wa máa ń wá, nítorí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tíì wọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ kò lè dá gba ẹrù nọ́ọ̀sì, a ò sì lè fi orúkọ rẹ̀ sínú ètò iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì. Bí a bá ka lẹ́tà dé ìsàlẹ̀ tí a kò rí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀, a ó rò pé bóyá ẹni náà kùnà, tàbí pé kò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì, kò sì sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Kàkà bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ti tó: pé o ti yege, pé o ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àti pé nọ́ńbà ni o ń retí. Bí wọ́n bá ti sọ ìgbà tí yóò jáde fún ọ, kọ oṣù náà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí nọ́ńbà bá dé, àwọn kan sì máa ń fún un ní iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ títí ìgbà náà, ṣùgbọ́n àwọn gan-an ló gbọ́dọ̀ pinnu, wọn kò sì lè pinnu lórí ohun tí wọn kò mọ̀.

Ní ti ìpínrọ̀ tí o kọ, ibi tó ti burú ni "ìmọ̀ kíkún nínú gbogbo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì". Èmi tí mo lo ọjọ́ ayé mi nínú iṣẹ́ yìí kò ní in. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tuntun bá kọ ọ́, ẹ̀rù ni ó máa ń bà wá, nítorí pé ẹni tó lè ṣe aláìsàn ní jàǹbá jù ni ẹni tí kò mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí, tí kò sì ní béèrè. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí: sọ fún wa nípa aláìsàn kan tí o tọ́jú ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, tí o rí nǹkan kan lára rẹ̀ tí o sì sọ fún ẹnì kan. Má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni, má sì sọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Bàbá_Tólú

Ọmọ mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un. Má ṣe kọ ohun búburú kankan nípa ilé iṣẹ́ tí o fẹ́ fi sílẹ̀, bó ti wù kí wọ́n ṣe ọ́ tó. Ọmọbìnrin mi náà fi ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, lẹ́tà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún ẹjọ́ ọ̀gá rẹ̀ kí n tó sọ fún un pé kó yọ ọ́ kúrò.

Àṣàkẹ́_Tuntun

Ẹ ṣé, Bàbá. N kò tíì ní ilé iṣẹ́ kankan tí n óò fi sílẹ̀ o, èyí ni àkọ́kọ́.

Mátírọ̀nì mi, ọ̀kan wà tí n kò lè gbàgbé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún aláìsàn kan lọ́sàn-án, olùkọ́ wọ́ọ̀dù sì ní kí èmi máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó dé láti yàrá iṣẹ́ abẹ, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 84 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 126 lórí 78. Nígbà tó yá ó di 102, ìfúnpá sì jẹ́ 120 lórí 80, gbogbo ènìyàn sì ní ara ló ń ro ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún yẹ̀ ẹ́ wò, lílù ọkàn ti di 118, ó ń mí ní ìgbà 24, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì ń ra ọwọ́ kiri lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Mo wo àpò ìtọ̀ rẹ̀, 35 mílílítà péré ló wọ inú rẹ̀ láti wákàtí méjì. Mo sá lọ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù, ó sì pe dókítà. Kó tó di pé dókítà dé, ìfúnpá ti já sí 98 lórí 60. Wọ́n gbé e padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú.

Ṣé kí n wá kọ pé èmi ni mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn aláìsàn?

Mátírọ̀nì_Fẹ̀yìntì

Rárá o, nítorí pé o kò rí i. Ohun tí o rí ju ìyẹn lọ lójú ẹni tó ń yan òṣìṣẹ́, jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ènìyàn, ara máa ń kọ́kọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ọkàn yóò máa lù kíákíá, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò sún kì, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi tutù, kíndìnrín náà yóò sì dín ìtọ̀ kù. Gbogbo ìyẹn ni yóò mú kí ìfúnpá dúró gírígírí fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ìfúnpá nìkan yóò sọ pé aláìsàn náà wà dáadáa títí ìfúnpá yóò fi já lẹ́ẹ̀kan, nígbà yẹn ó sì ti pẹ́. Ìwọ rí lílù ọkàn tó ń gòkè nínú àyẹ̀wò mẹ́ta léraléra, o rí mímí tó yára, o sì rántí láti wo àpò ìtọ̀. Ìtọ̀ tí a ń retí lára àgbàlagbà kì í dín ní ìdajì mílílítà fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí kan. Bí ẹni náà bá wọn 60 kílógíráàmù, 30 mílílítà nìyẹn fún wákàtí kan, 60 fún méjì. 35 kéré púpọ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé o ti sọ̀rọ̀ kí ìfúnpá tó já.

Nítorí náà, kọ ohun tí o rí, ẹni tí o sọ ọ́ fún, àti ohun tí o ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí o sì dúró níbẹ̀. Má ṣe fún àìsàn náà ní orúkọ, torí iṣẹ́ dókítà nìyẹn, o ò sì mọ̀ nígbà yẹn. Èmi yóò kọ ọ́ báyìí:

"Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, mo ń yẹ aláìsàn kan wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, lábẹ́ àbójútó olùkọ́ wọ́ọ̀dù. Mo ṣàkíyèsí pé lílù ọkàn rẹ̀ ń gòkè léraléra àti pé ìtọ̀ rẹ̀ kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfúnpá rẹ̀ kò tíì yí padà. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀, mo fi ìwé àyẹ̀wò hàn án, mo sì dúró ti aláìsàn náà títí dókítà fi dé."

Ṣé o rí "lábẹ́ àbójútó" yẹn? Má ṣe yọ ọ́. Ó ń sọ fún wa pé o mọ ipò rẹ. Mo sì fi "dúró ti aláìsàn náà" sí i nítorí pé mo rò pé o ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yọ ọ́ kúrò, nítorí pé ohun tí o bá kọ sínú lẹ́tà ni a ó fi bi ọ́ léèrè ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: "Kí lo sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn gan-an? Kí ni ìwọ ì bá ṣe bí kò bá dá ọ lóhùn?" Ẹni tó ń parọ́ máa ń tètè hàn níbẹ̀.

Àṣàkẹ́_Tuntun

Mo dúró tì í, mà. Èmi ni mo ń ka àyẹ̀wò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Agbẹ̀bí_Òru

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa àṣírí aláìsàn. Ìpínrọ̀ tí Mátírọ̀nì kọ yìí kò léwu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn kò bá ti dárúkọ, àwọn ti pa àṣírí mọ́. Mo bá ọ̀gá mi to lẹ́tà àwọn tó ń wáṣẹ́ nígbà kan, a sì rí èyí tó ka ọjọ́ orí obìnrin kan, iye ọmọ tó bí lẹ́ẹ̀kan náà, oṣù tó bí wọn àti ilé ìwòsàn tí ẹni náà ti kọ́ṣẹ́. Kò dárúkọ, àmọ́ kí ni ó kù tí ẹni tó bá mọ obìnrin náà kò ní mọ̀? Ọ̀gá mi gbé lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì kà á tán. Ọjọ́ orí, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti àìsàn tí kò wọ́pọ̀: bí mẹ́ta wọ̀nyí bá pàdé, orúkọ ti jáde nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹ jọ̀ọ́, ní ti wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, ṣé irú àpẹẹrẹ kan náà ni kí ènìyàn lò?

Mátírọ̀nì_Fẹ̀yìntì

O ṣeun, Agbẹ̀bí. Bẹ́ẹ̀ ni, àpẹẹrẹ láti wọ́ọ̀dù tí ènìyàn ń wá iṣẹ́ sí ló dára jù. Bí o kò bá ní in, mú èyí tó sún mọ́ ọn.

Akọ̀wé_Ọ́fíìsì

Mo gba ti ìwé-àṣẹ, ẹ jàre mi. Ọ̀rọ̀ kan wà síbẹ̀ tí n kò fẹ́ kí ó kọjá. Ní ọ́fíìsì wa, kì í ṣe mátírọ̀nì ni ó kọ́kọ́ ń ka lẹ́tà. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni, a kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wa tí wọ́n to ohun tí wọ́n ń fẹ́ sí: ìforúkọsílẹ̀, ìmọ̀ ìpín oògùn, kíkọ àkọsílẹ̀, iṣẹ́ òru. Bí a bá rí i, a ó fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá rí i, a kì í wá a kiri. Ìtàn lílù ọkàn yìí dùn, àmọ́ níbo ni n óò fa ìlà sí?

Mátírọ̀nì_Fẹ̀yìntì

Ìbéèrè rẹ dára, mo sì gbà pé mo fojú ẹni tó ń ka lẹ́tà kẹ́yìn wo ọ̀rọ̀ náà. Àṣàkẹ́, gba ìkéde náà jáde kí o sì fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní dandan ni. Èyí tí o bá ní, lo ọ̀rọ̀ tí àwọn náà lò, kí Akọ̀wé lè rí i. Bí wọ́n bá kọ "kíkíyèsí aláìsàn tí ara rẹ̀ ń burú sí i", fi gbólóhùn yẹn gan-an ṣí ìpínrọ̀ rẹ, kí ìtàn wá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bákan náà, má ṣe to gbogbo wọ́ọ̀dù. Àwọn wọ́ọ̀dù yòókù wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tí o ń fi mọ́ ọn, ibẹ̀ ni ipò wọn. Sọ ti iṣẹ́ abẹ àti iye ọ̀sẹ̀ tí o lò níbẹ̀.

Ohun mìíràn ni pé kí o fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun tí wọ́n buwọ́ lù fún ọ nínú ìwé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ àti ohun tí o kàn wò. Dídi egbò, pípín oògùn ẹnu pẹ̀lú nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, fífi rọ́bà ìtọ̀ sí ènìyàn, bí wọ́n bá buwọ́ lù ú, kọ ọ́. Bí o bá kàn dúró wo bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ omi sínú òpó ẹ̀jẹ̀, má kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ń tún un kọ́ òṣìṣẹ́ wọn kí wọ́n tó jẹ́ kó ṣe é, nítorí náà kò sí ohun tí o pàdánù lórí pé o kò tíì mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Kejì

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìpẹ́ fẹ́ dábàá pé kí ó béèrè nínú lẹ́tà bóyá nọ́ọ̀sì àgbà kan yóò wà tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. N kò béèrè nígbà tèmi, wọ́n sì fi mí sí òru láìpẹ́ rárá, pẹ̀lú wọ́ọ̀dù tó kún.

Akọ̀wé_Ọ́fíìsì

Kí ó máà ṣe é nínú lẹ́tà o. Ẹni tó ń béèrè ohun tí wọn yóò ṣe fún un kí wọ́n tó pè é, bí ẹni tó ń bèèrè owó orí ìyàwó kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ni. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ibi tí ó yẹ.

Mátírọ̀nì_Fẹ̀yìntì

N kò gbà pẹ̀lú rẹ, Akọ̀wé. Èmi fẹ́ràn nọ́ọ̀sì tuntun tó béèrè, nítorí pé ó fi hàn pé ó mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn kan tí a jọ jókòó nínú ìgbìmọ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àìlera ni. Àṣàkẹ́ ni yóò yàn. Bí ìkéde náà bá ti mẹ́nu ba ètò bẹ́ẹ̀, kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Àṣàkẹ́_Tuntun

Ìkéde náà mẹ́nu bà á, wọ́n ní ètò ìtọ́sọ́nà wà fún àwọn tuntun. Ohun tí mo kọ nìyí, láìka àdírẹ́sì àti ọjọ́:

"Sí Ọ̀gá Àgbà fún Ètò Nọ́ọ̀sì,

Mo ń kọ̀wé láti wá ipò nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kéde rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lókè. Mo ti yege nínú ìdánwò àṣekágbá, mo ti fi ìwé ránṣẹ́ fún ìforúkọsílẹ̀, mo sì ń retí nọ́ńbà mi. Mo ti fi ẹ̀dà èsì ìdánwò mọ́ lẹ́tà yìí.

Ẹ ní ẹ ń wá ẹni tó lè ṣàkíyèsí aláìsàn tí ara rẹ̀ ń burú sí i. Mo kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 8 ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, níbi tí mo ti ń yẹ aláìsàn kan wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, lábẹ́ àbójútó olùkọ́ wọ́ọ̀dù. Mo ṣàkíyèsí pé lílù ọkàn rẹ̀ ń gòkè léraléra àti pé ìtọ̀ rẹ̀ kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfúnpá rẹ̀ kò tíì yí padà. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀, mo fi ìwé àyẹ̀wò hàn án, mo sì dúró ti aláìsàn náà títí dókítà fi dé.

Wọ́n ti buwọ́ lu dídi egbò, pípín oògùn ẹnu lábẹ́ àbójútó àti kíkọ àkọsílẹ̀ aláìsàn fún mi. N kò tíì kọ́ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ omi sínú òpó ẹ̀jẹ̀, mo sì fẹ́ kọ́ ọ nínú ètò ìtọ́sọ́nà tí ẹ mẹ́nu bà. Mo lè ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán àti ní òru.

Olùkọ́ wọ́ọ̀dù mi àti olórí ilé ẹ̀kọ́ wa ti gbà láti jẹ́rìí mi, àdírẹ́sì wọn sì wà nínú ìwé tó tẹ̀ lé èyí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́."

Akọ̀wé_Ọ́fíìsì

Mo rí ibi mẹ́rin tí n óò fa ìlà sí. Má kàn fi nọ́ńbà ìkéde sókè nìkan, kọ ọ́ sí orí ímeèlì náà pẹ̀lú, kí o sì fi orúkọ rẹ pe fáìlì náà. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ló ń jẹ́ "lẹ́tà tuntun", a sì ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Mátírọ̀nì_Fẹ̀yìntì

Ó dára. Kọ oṣù tí o ń retí nọ́ńbà rẹ sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún ọ, kí o sì sọ fún olùkọ́ wọ́ọ̀dù rẹ pé ìtàn aláìsàn yẹn wà nínú lẹ́tà, torí pé òun ni wọn yóò pè láti bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Bàbá_Tólú

Ó ti wá yé mi báyìí pé kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ọmọ mi, ṣé wọ́n máa ń dáhùn kíákíá?

Àṣàkẹ́_Tuntun

N kò mọ̀, Bàbá. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n bá yàn nìkan ni wọn yóò kọ̀wé sí. Mo ti pe olùkọ́ wọ́ọ̀dù mi, ó ní kí n fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí òun kí n tó fi í sílẹ̀.